Lébẹ́lì Pè É ní 550, Téèpù Ní 450 Ni: Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ẹni Tó Ta Páńẹ́lì Sólà

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ra páńẹ́lì sólà méjìlá, wáàtì 550 ló wà lára rẹ̀, ₦121,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e wá, wọ́n tò ó sórí ilé, àmọ́ ìnfátà mi kò tíì ju 4,200 wáàtì lọ rí. Ọmọ tó ń bá mi tún iná ṣe ní páńẹ́lì náà kéré. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní ooru ni, pé kò sí páńẹ́lì tó ń mú iye ara rẹ̀ wá. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i. Kí ni kí n kọ tí kò fi ní rí ibi yẹ̀ sí?*
*Ìyá ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́*

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni ohun tí ìnfátà sọ, ìyẹn gan-an ló sì rọrùn jù fún ọlọ́jà láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irọ́ kọ́ ni gbogbo ohun tó wí. Wáàtì tí wọ́n ń kọ sára páńẹ́lì, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n: oòrùn tó lágbára wáàtì 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ara páńẹ́lì sì tutù ní díígíríì 25. Lórí páànù ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án gangan, ara páńẹ́lì lè gbóná tó díígíríì 60. Díígíríì kọ̀ọ̀kan tó bá sì lé lórí 25, páńẹ́lì a máa pàdánù bí ìdá 0.35 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Díígíríì 35 ló lé yẹn, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ. Ojúlówó 550 á wá fún yín ní bí 480, bí oòrùn bá tiẹ̀ pé.

Ìnfátà náà tún ní tirẹ̀. Bí bátìrì bá ti kún, tí àwọn fírísà sì ti dì tán tí wọn kò fa iná púpọ̀ mọ́, ìwọ̀nba tó nílò ni ìnfátà máa fà látọ̀dọ̀ páńẹ́lì, á fi ìyókù sílẹ̀ lórí òrùlé. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ọ́ pé "6,600 ni mo rà, 4,200 ni mò ń rí", èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: ooru ni, bátìrì ti kún ni, ìkùukùu ni, eruku ọyẹ́ ni, wáyà yín ló tín-ín-rín. Ẹ ó máa fa ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ooru kò lè fọwọ́ kàn ni kí lẹ́tà yín dúró lé lórí: bí páńẹ́lì ṣe tóbi tó, iye áńpù tó ń ti inú rẹ̀ jáde, àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀.

Téèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Páńẹ́lì 550 tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní sẹ́ẹ̀lì 144 tí wọ́n gé sí abọ̀, sẹ́ẹ̀lì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 182. Férémù rẹ̀ gùn ní mìlímítà 2,278, ó fẹ̀ ní 1,134, ó sì wúwo tó bí kílò 28. Páńẹ́lì 450 tó wọ́pọ̀ náà ní sẹ́ẹ̀lì 144, àmọ́ mìlímítà 166 ni fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Ó gùn ní 2,094, ó fẹ̀ ní 1,038, ó sì wúwo bíi kílò 23 sí 24. Téèyàn bá dúró nílẹ̀ tó gbójú sókè wò wọ́n, kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì: àwọ̀ kan náà, ìlà kan náà, iye sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi lébẹ́lì ọ̀kan bo èkejì kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gun òkè, kó wọn férémù láti etí dé etí, kó gbé téèpù lé ojú gíláàsì kó wọn fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan. Lẹ́yìn náà kó ya fọ́tò lébẹ́lì ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ lébẹ́lì máa ń kọ gígùn àti fífẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ibi tí oníbàárà kì í wò. Bí lébẹ́lì bá kọ 2278 × 1134 tí téèpù sì ní 2094 × 1038 ni, lébẹ́lì ti ta ko páńẹ́lì tó wà lára rẹ̀, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan iná rárá.

Bí lébẹ́lì kò bá tiẹ̀ kọ ìwọ̀n kankan, ìṣirò ṣì wà. 2.094 lọ́nà 1.038 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.17. Lábẹ́ oòrùn 1,000, agbára tó ń bọ́ sórí páńẹ́lì bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì 2,170. Kó tó lè mú 550 jáde, ó ní láti sọ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ di iná. Páńẹ́lì irú tiyín yìí kì í kọjá 21 sí 22. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún 2,170 sì jẹ́ 456. Ẹ rí i pé férémù yẹn ò láyè fún 550, ì báà jẹ́ inú yìnyín ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ wọn méjèèjìlá, ẹ má wọn méjì kẹ́ ẹ ní ó ti tó. Wọ́n lè da ojúlówó mẹ́rin mọ́ ayédèrú mẹ́jọ. Bí lẹ́tà yín bá sì sọ pé "gbogbo wọn" tí wọ́n wá bá ojúlówó kan níbẹ̀, gbogbo ìyókù tí ẹ kọ á di ohun tí wọ́n ń fura sí.

Irú kejì wà tó le díẹ̀ láti mú: férémù tóbi dáadáa, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kéré, wọ́n fi àlàfo funfun tó fẹ̀ kún àárín wọn. Fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ló máa tú u fó. Irú kẹta, tí férémù àti sẹ́ẹ̀lì pé ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ ti yọ sọ́tọ̀ pé kò dáa tó, téèpù kò lè rí i. Àfi mítà.

Áńpù, kì í ṣe fóltì

Bí ọlọ́jà bá rán ẹnìkan wá, fóltì ló máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Á ti mítà bọ páńẹ́lì kan, á rí 45, á ní "ẹ wò ó, mà, ó pé". Fóltì ò sọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye sẹ́ẹ̀lì tó so kọ́ra ló ń pinnu fóltì. Àtí 550 àtí 450, sẹ́ẹ̀lì 72 ló tò tẹ̀ léra nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú díẹ̀ tí kò tó 0.7 fóltì wá, yálà ó kéré ni o, yálà ó tóbi. Ó dà bí kéèyàn ka páálí ẹja láì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Títóbi sẹ́ẹ̀lì, inú áńpù ló ti ń hàn.

Nọ́ńbà tí ẹ ń wá lórí lébẹ́lì ni Isc, ìyẹn iye áńpù tí páńẹ́lì máa mú wá bí wọ́n bá so ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ti 550 máa ń wà ní nǹkan bí 14. Ti 450 oní-166 máa ń wà ní nǹkan bí 11.6. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn nọ́ńbà yìí ju gbogbo ìyókù lọ ni pé ooru kì í dín in kù. Ṣe ló tiẹ̀ ń gbé e sókè díẹ̀. Oòrùn nìkan ló ń darí rẹ̀: ìdajì oòrùn, ìdajì áńpù. Àwáwí ooru kú síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin. Kó kọ́kọ́ pa ìnfátà, kó pa bíréékà tó wà láàárín páńẹ́lì àti ìnfátà, kó tó fọwọ́ kan kọnẹ́ktọ̀ kankan. Bí páńẹ́lì mẹ́fà bá so kọ́ra ní ìlà kan lórí ilé, iná tó wà nínú wáyà náà ń lọ sí 270 fóltì. Kọnẹ́ktọ̀ tí wọ́n bá fà yọ nígbà tí iná ń sàn nínú rẹ̀ á bẹ́ná, iná páńẹ́lì kì í sì í kú bọ̀rọ̀ bíi ti NẸ́PÀ. Ó lè jó ọwọ́, ó lè jó òrùlé.

Lẹ́yìn tó bá ti pa wọ́n, kó da tapólì tó nípọn bo páńẹ́lì kan, kó yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó kù, kó ki ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì bọ ara wọn. Kó gbá wáyà kan mú pẹ̀lú mítà tó ń gbá wáyà mú. Mítà náà gbọ́dọ̀ lè ka iná tààrà, iná DC. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná, iná NẸ́PÀ nìkan ló ń kà, òdo ló máa fi hàn. Kí ó má sì ki iná náà gba inú mítà kékeré tó ní ihò 10 áńpù o, fíúùsì rẹ̀ á lọ. Ó wá ká tapólì kúrò, ó ka áńpù, ó sì da tapólì padà kó tó ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹlòmíì á gbé mítà oòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́lì, kó dagun bí páńẹ́lì ṣe dagun, á ka wáàtì oòrùn. Ẹ ṣe é láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Bí mítà oòrùn kò bá tó 700, ẹ sún un síwájú. Ká sọ pé oòrùn jẹ́ 830, áńpù sì jẹ́ 9.6. Ẹ fi 830 pín 9.6, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000: 11.57 ni. Bí lébẹ́lì bá kọ 13.98, ojúlówó ì bá ti fún yín ní 11.6 lábẹ́ oòrùn 830 yẹn, kì í ṣe 9.6.

Bí ẹ kò bá rí mítà oòrùn yá, ẹ yá ojúlówó páńẹ́lì 550 kan lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ dájú, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín kó dagun bákan náà, ẹ wọn méjèèjì tẹ̀ léra láàárín ìṣẹ́jú méjì. Bí tiyín bá jẹ́ ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, ẹ ti rí i: 450 nínú 550 jẹ́ ìdá 82.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbà yín níyànjú láti kọ lẹ́tà rárá. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn lébẹ́lì kan fúnra wọn gba ìdá mẹ́ta láyè sókè àti sísàlẹ̀, páńẹ́lì tuntun máa ń pàdánù bí ìdá kan sí méjì bó bá ti rí oòrùn, mítà tí ẹ lò náà sì ní àṣìṣe tirẹ̀. Ìdá 18 kúrò nínú ìyẹn pátápátá.

Nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì

Ojúlówó páńẹ́lì máa ń ní nọ́ńbà àti ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ abẹ́ gíláàsì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìyẹn láì fọ́ gíláàsì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi wé nọ́ńbà orí lébẹ́lì ẹ̀yìn. Bí kò bá dọ́gba, wọ́n ti pààrọ̀ lébẹ́lì nìyẹn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe páńẹ́lì ní ojú ewé tàbí ímeèlì tí wọ́n ti ń yẹ nọ́ńbà wò fún oníbàárà. Ẹ fi méjìlá náà ránṣẹ́ sí wọn, ẹ béèrè pé wáàtì mélòó ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Èsì bẹ́ẹ̀ lágbára ju gbogbo ohun tí èmi tàbí oníṣẹ́ iná yín lè sọ.

Bí ẹ bá rí i pé lébẹ́lì kan wà lábẹ́ èkejì, ọwọ́ á máa yún yín láti ṣí i. Ẹ má ṣí i. Ẹ ya fọ́tò etí rẹ̀ níbi tó ti ń fi ti abẹ́ hàn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí aṣojú ọlọ́jà bá wà níbẹ̀. Lébẹ́lì tí ẹ̀yin nìkan bá ṣí, wọ́n lè ní ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́.

Kí ni kí ẹ béèrè?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti máa ń ṣubú. Wọ́n á ṣàlàyé ìyà tó jẹ wọ́n ní ojú ewé méjì, wọ́n á wá parí rẹ̀ sí "ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i". Ẹni tó gbà á kò mọ ohun tó máa ṣe, kò sì ní ṣe é.

Ìwọ̀nba òfin tó kàn yín nìyí. Òfin ọjà títà nílùú Èkó sọ pé ọjà tí wọ́n bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, "550W" tó wà lórí rìsíìtì yín sì ni àpèjúwe. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, náà kọ̀ fún oníṣòwò láti lẹ àpèjúwe tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà mọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà padà kí wọ́n dá gbogbo owó padà fún un gbọ́dọ̀ tètè sọ̀rọ̀, kó má sì máa lò ó lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin ti tò ó sórí ilé, ẹja yín wà nínú fírísà, ẹ kò lè tú u sílẹ̀ lónìí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ fi "ẹ dá gbogbo owó mi padà" ṣíwájú. Ẹ béèrè kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjìlá sí ojúlówó 550. Bí wọn kò bá ní, kí wọ́n san ìyàtọ̀ owó. Ẹ ṣírò rẹ̀ sínú lẹ́tà kó má bàa di ìdúnàádúrà: ₦121,000 fún 550 jẹ́ ₦220 fún wáàtì kan. 450 lọ́nà ₦220 jẹ́ ₦99,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦22,000 lórí ẹyọ kan, ₦264,000 lórí méjìlá. Iye tó kéré jù lọ nìyẹn, nítorí páńẹ́lì tí wọ́n pààrọ̀ lébẹ́lì rẹ̀ kò ní gáráńtì iléeṣẹ́ kankan tí ẹ lè gbára lé.

Ẹni tó kọ rìsíìtì ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí. Bó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ iná ló gba owó yín tó sì lọ ra páńẹ́lì wá, oníṣẹ́ iná lẹ bá dòwò, òun lẹ máa kọ ọ́ sí, òun náà á sì kọ tirẹ̀ sí ẹni tó ta páńẹ́lì fún un. Ẹ má kọ "olè" tàbí "oníjìbìtì" sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan òun náà jẹ níbi tó ti kó ọjà, èébú sì lè sọ ẹlẹ́jọ́ di olùpẹ̀jọ́.

Lẹ́tà náà

Àpẹẹrẹ rèé. Ẹ fi ọjọ́ àti nọ́ńbà tiyín sí ibi tí mo fi sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìwọ̀n tí ẹ kọ jẹ́ èyí tí mítà yín kà gan-an.

> Sí Ọ̀gá Àgbà,
> (orúkọ iléeṣẹ́ bó ṣe wà lórí rìsíìtì, àti àdírẹ́sì)
>
> Páńẹ́lì sólà méjìlá tí kò bá lébẹ́lì rẹ̀ mu: rìsíìtì nọ́ńbà ……, ọjọ́ ……
>
> Ní ọjọ́ …… mo ra páńẹ́lì sólà méjìlá lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ kọ sórí rìsíìtì ni "páńẹ́lì 550W", ₦121,000 ẹyọ kan. Mo san ₦1,452,000 sí àkáǹtì yín lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ …….
>
> Lébẹ́lì ẹ̀yìn wọn kọ Pmax 550 W, Isc 13.98 A, àti ìwọ̀n 2278 × 1134 mm.
>
> Ní ọjọ́ …… a wọn méjèèjìlá. Ìwọ̀n gbogbo wọn jẹ́ 2094 × 1038 mm, fífẹ̀ sẹ́ẹ̀lì wọn sì jẹ́ 166 mm. Lọ́jọ́ náà, láàárín aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán, a wọn Isc mẹ́rin nínú wọn. Àkọ́kọ́ mú 9.6 A wá lábẹ́ oòrùn 830 W/m², èkejì 9.8 A lábẹ́ 845, ẹ̀kẹta 9.7 A lábẹ́ 840, ẹ̀kẹrin 9.4 A lábẹ́ 815. Bí a bá sọ wọ́n di ti oòrùn 1,000, gbogbo wọn wà láàárín 11.5 A sí 11.6 A. Nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì kò bá ti orí lébẹ́lì mu lára páńẹ́lì …….
>
> Ìwọ̀n wọ̀nyí jẹ́ ti páńẹ́lì 450 W. Ó dín ní 100 W lórí ẹyọ kan, ó dín ní 1,200 W lórí méjìlá. Ooru kọ́ ló fà á: ooru kì í yí ìwọ̀n férémù padà, kì í sì í dín Isc kù.
>
> N kò gbà pé ohun tí mo rà ni ẹ gbé fún mi. Láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí, mo ń béèrè pé kí ẹ fi páńẹ́lì 550 W méjìlá tó bá lébẹ́lì rẹ̀ mu pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ àti owó títú àti títò. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, kí ẹ san ìyàtọ̀ owó, ₦264,000, sí àkáǹtì tí ẹ ti gba owó mi.
>
> Ẹ lè rán ẹni wá wọn wọ́n níṣojú mi ní ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjì, bí ẹ bá ti sọ fún mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú. N kò ṣí lébẹ́lì kankan. Mò ń lo páńẹ́lì náà báyìí kí ọjà mi má bàa bàjẹ́. Lílò tí mò ń lò ó kò túmọ̀ sí pé mo gbà á.
>
> Bí ọjọ́ 14 bá pé tí n kò gbúròó yín, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti Kóòtù Májísíréètì.
>
> Ohun tó bá lẹ́tà yìí rìn: ẹ̀dà rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí mo san, fọ́tò lébẹ́lì méjìlá, fọ́tò téèpù lórí férémù, fọ́tò mítà, ìwé ìwọ̀n tí oníṣẹ́ iná fọwọ́ sí.
>
> (Orúkọ, ìfọwọ́sí, nọ́ńbà fóònù)

Ẹ ó rí i pé kò sí ìnfátà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ 4,200 sí i, òun nìkan ni wọ́n máa dáhùn.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kó lè yé yín ìlà kan sí ìkejì. Èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà yìí gan-an, nítorí òun ni kóòtù ń kà. Ẹ fi Wáásáàpù àti ímeèlì ránṣẹ́, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà méjì. Ẹni tó bá gbà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà yẹn ni owó. Ní Èkó, kóòtù fún gbèsè kékeré, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kò ní dá yín lóhùn bí ẹ kò bá lè fi hàn pé ẹ ti kọ́kọ́ béèrè owó náà nínú ìwé. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù tiwọn fún un, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀.

Èsì tí wọ́n lè fún yín

"Ẹ kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù ká yẹ̀ wọ́n wò." Ẹ má kó wọn lọ. Páńẹ́lì tó bá kúrò lọ́wọ́ yín láì sí ìwé, ẹ̀rí yín ló bá a lọ, bí gíláàsì bá sì sán lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọrùn yín ni. Àwọn ni kó wá.

"Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, ó wà lórí rìsíìtì." Ẹni tó rà á tán tó wá yí ọkàn padà ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Ẹ̀yin, wọn kò tíì gbé ohun tí ẹ rà fún yín.

Èyí tó máa ń dùn létí jù ni: "Mà, ẹ jẹ́ ká fi páńẹ́lì méjì kún un." Ẹ ṣírò rẹ̀. Wáàtì 1,200 ló dín. Méjì tó jẹ́ 450 jẹ́ 900, ó ṣì ku 300. Ẹ̀kẹta ló lè bo ihò náà, ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ṣeé pín sí ìlà méjì tó dọ́gba. Ìlà méjèèjì á máa gbé fóltì tó yàtọ̀ wá fún ìnfátà yín. Ìyẹn ṣeé ṣe lórí ìnfátà tó bá ní ojú méjì tó dá dúró. Bí ìlà méjèèjì bá wọ ojú kan ṣoṣo, kò dáa. Ìdákọ̀ òrùlé, wáyà àti owó iṣẹ́ fún mẹ́ta ọ̀hún tún wà ńlẹ̀, ta ló máa san án? Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, kí ó jẹ́ mẹ́rin, méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n san owó títò, kí oníṣẹ́ iná sì kọ́kọ́ wò ó pé mọ́kàndínláàádọ́ta àti díẹ̀ fóltì lọ́nà mẹ́jọ, ìyẹn bíi 395, kò kọjá iye tó pọ̀ jù tí ìnfátà gbà.

Bí wọ́n bá ní mẹ́fà nìkan làwọn lè pààrọ̀ báyìí, kí ìyókù dúró di oṣù tó ń bọ̀, ó ṣeé gbà lórí ohun kan: kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ sórí ìlà kan náà. Bí ẹ bá da 550 mọ́ 450 lórí ìlà kan, èyí tó kéré ló máa pinnu áńpù fún gbogbo ìlà, ojúlówó tuntun yín á sì máa ṣiṣẹ́ bíi 450. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí mẹ́fà tó kù máa dé sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé. Ọjọ́ tí tuntun bá dé, téèpù kọ́kọ́, nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.